Àlàárì mi di bíríkì lórí fóònù

Ìbéèrè

Aṣọ òkè ni mò ń tà ní Cheetham Hill, níbí ní Manchester. Mo gbé iṣẹ́ lógò fún ayàwòrán kan, mo sì kó gèlè àlàárì ìyá mi fún un pé àwọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo fẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nínú oṣù Kejìlá, mo lọ wo iṣẹ́ náà ní ọ́fíìsì rẹ̀. A gbé gèlè sí ẹ̀gbẹ́ sìkírínì, wọ́n bára mu, inú mi dùn. Ó fi í ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Nígbà tí mo ṣí i nínú ṣọ́ọ̀bù ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ó ti dà bí bíríkì. Ọmọkùnrin mi ṣí i lórí Samsung tirẹ̀, ó sì ń pọ́n yòò bí iná. Mo fi iPhone mi ya ojú ara rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ayàwòrán, ó ní kò sí ohun tó ṣe é. Ṣé kò ti pààrọ̀ rẹ̀ báyìí? Ìdajì owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi.

*Oníṣòwò aṣọ òkè*

Ìdáhùn

Ẹ kú ọjà o, mà. Gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe rò ó fún mi, n kò rò pé ó pààrọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ fáìlì ló yí padà, fóònù méjèèjì ì bá yí sí apá kan náà. Ṣùgbọ́n tiyín lọ sí ọ̀dọ̀ bíríkì, ti ọmọ yín lọ sí ọ̀dọ̀ iná. Fóònù ló ń ṣe èyí, ìdí tí kálukú sì fi ṣe tirẹ̀ yàtọ̀.

Kò sí àwọ̀ kankan nínú fáìlì lógò yín. Nọ́ńbà ló wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ayàwòrán kọ àlàárì yín sílẹ̀ báyìí:

```
#A3142E
```

Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí sìkírínì tan iná pupa dé 163, iná àwọ̀ ewé dé 20, iná àwọ̀ aró dé 46, nínú 255 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè dé. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa aṣọ á tètè rí ibi tí ìṣòro wà. Bí ẹ bá ní kí aláró méjì ri òwú sínú ìkòkò aró lẹ́ẹ̀mẹta, iye ìgbà náà dọ́gba, ṣùgbọ́n bí aró ọ̀kan bá le ju ti èkejì lọ, òwú wọn kò ní jọra. Nítorí èyí ni wọ́n fi gbé ìlànà kan kalẹ̀ ní 1996 tí wọ́n pè ní sRGB. Ó sọ bí pupa, ewé àti aró sìkírínì ṣe gbọ́dọ̀ rí, àti irú funfun tó gbọ́dọ̀ jẹ́ funfun. Iṣẹ́ ayàwòrán yín ni láti rí i pé sìkírínì òun kò kúrò lórí ìlànà yẹn. Ó ṣeé ṣe kó ní ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gbé kọ́ sí ojú sìkírínì, tó ń wo àwọ̀ tó jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí gèlè fi bá a mu.

Ẹ jẹ́ ká wá sí fóònù yín. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ oṣù Kejìlá tí ẹ dárúkọ ló kọ́kọ́ mú mi fura. Nínú iPhone, ohun kan wà tó ń jẹ́ Night Shift, tó máa ń dín iná aró kù lálẹ́ kí ojú lè sinmi. Ẹlòmíràn á ṣètò rẹ̀ sí Sunset to Sunrise, á sì gbàgbé pé òun ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Manchester, ní àárín oṣù Kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ẹ ṣí lógò yín, ó ti lé ní wákàtí kan tí fóònù ti ń bu aró kúrò. Àlàárì kì í ṣe pupa lásán, ẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ: aró díẹ̀ tó wà lábẹ́ pupa rẹ̀ ló ń mú un jinlẹ̀. Ẹ yọ aró yẹn, bíríkì ló kù. Bí ẹ bá ṣí i ní aago kan náà nínú oṣù Kẹfà, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí àbùkù kankan, nítorí oòrùn kì í wọ̀ títí di lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Ohun kan náà ló jẹ́ kí àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ tàn yín jẹ. Bí fóònù bá ya ojú ara rẹ̀, àwọn nọ́ńbà ló ń kó, kì í kó ohun tí Night Shift fi kún un. Bíríkì lẹ rí, àlàárì ni ayàwòrán rí, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú yín.

Ti ọmọ yín yàtọ̀. Púpọ̀ nínú Samsung máa ń bọ́ sọ́wọ́ ẹni pẹ̀lú Screen mode tí wọ́n ti fi sí Vivid. Pupa tí irú sìkírínì bẹ́ẹ̀ lè yọ le ju pupa sRGB lọ. Ẹ wo pupa tó ga jù lọ nínú sRGB, 255, 0, 0. Kí sìkírínì tó gbòòrò bíi ti iPhone tuntun tó lè fi í hàn bó ṣe yẹ, ṣe ló ń fà sẹ́yìn sí 234, tó sì ń bu ewé 51 àti aró 35 sí i kó lè rọ̀. Vivid kì í fà sẹ́yìn bẹ́ẹ̀. Ó fẹ́ kí fọ́tò máa dán ni. Fún fọ́tò ìgbéyàwó, kò burú. Fún lógò, ìyà ni.

Ẹ gbé fóònù méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ́sàn-án, kúrò lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù. Nínú iPhone, ẹ wọ Settings, Display & Brightness, kí ẹ pa Night Shift àti True Tone; True Tone yìí náà ń yí funfun padà láti bá iná yàrá mu. Nínú Samsung, ẹ fi Screen mode sí Natural, kí ẹ sì pa Eye Comfort Shield. Ẹ bẹ ayàwòrán kó tún fáìlì náà fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí Document, nítorí tó bá wá bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, etí àwọ̀ pupa á sì máa rú. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé gèlè sí àárín fóònù méjèèjì.

Mo retí pé wọ́n á sún mọ́ ara wọn gan-an. Wọn kò ní dọ́gba pátápátá, torí iná fóònù máa ń mọ́lẹ̀ ju ti sìkírínì ayàwòrán lọ. Ṣùgbọ́n bí àwọ̀ náà bá ṣì rẹ̀ lórí fóònù méjèèjì, ní ọ̀sán gangan, tí kò pọ́n tí kò sì jinlẹ̀, a jẹ́ pé ọ̀ràn wà lọ́wọ́ ayàwòrán. Ó ṣeé ṣe kó ti ṣiṣẹ́ nínú Adobe RGB, tó sì gbàgbé láti sọ ọ́ di sRGB kó tó fi ránṣẹ́. Ìṣẹ́jú mélòó kan ni àtúnṣe rẹ̀, ẹ̀tọ́ yín sì ni láti béèrè fún un.

Mo tún ń ro ti àmì iwájú ṣọ́ọ̀bù àti páálí tí ẹ máa tẹ̀. Sìkírínì kankan kò lè fi dá yín lójú, nítorí yíǹkì kì í tan iná. Ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan lára páálí gan-an, kí ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ gèlè ìyá yín lójú mọmọ. Kí ẹ tó fọwọ́ sí èyí tó kù, ẹ rí i pé ẹyọ yẹn tẹ́ yín lọ́rùn.

Tí ìdánwò ojú fèrèsé bá rí bí mo ṣe sọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún ọmọ èèyàn ní ìdajì owó rẹ̀ tó kù.