Eré Ọkọ̀ àti Ìdádúró Rẹ̀: Àpẹẹrẹ Ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà Àkókó

Òkè pọ̀ ní ọ̀nà Ìkàrẹ́ sí Ọ̀kà. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì lójijì níbẹ̀, tí táyà kò yí mọ́, agbára tí eré ti kó sínú ọkọ̀ kò lè ṣàdédé pòórá. Ìfarakanra táyà àti títì ni yóò ṣe iṣẹ́ tí yóò gba agbára náà tán:

½mv² = μmgd
d = v²/(2μg)

Níhìn-ín, m ni ìwọ̀n ọkọ̀, v ni eré rẹ̀, d ni ìwọ̀n ọ̀nà tí yóò fi wọ́ kí ó tó dúró, μ ni òǹkà ìfarakanra, g sì ni òòfà ilẹ̀, tí í ṣe nǹkan bí 10.

Lórí títì gbígbẹ tí ó tẹ́jú, μ lè jẹ́ 0.7. Ọkọ̀ tí ó ń sáré mítà 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò wọ́ tó mítà 7. Bí eré bá di 20, yóò wọ́ tó mítà 29. Eré di ìlọ́po méjì, ọ̀nà di ìlọ́po mẹ́rin.

Bí òjò bá sọ μ di 0.4, mítà 29 yóò di 50. Bí ọkọ̀ bá tún ń sọ̀kalẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti ń rẹlẹ̀ ní mítà 1 nínú 10, òòfà yóò gba nǹkan bí 0.1 lọ́wọ́ ìfarakanra. Ó ku 0.3, mítà 50 di 67.

Òtítọ́ ni pé m kò sí nínú èsì náà. Ṣùgbọ́n bíréèkì tí ó lè dá táyà dúró ni ìṣirò yìí wà fún. Ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ń tẹ bíréèkì láti orí òkè dé ìsàlẹ̀ ń sọ agbára ńlá di ooru nínú bíréèkì. Bí ooru náà bá pọ̀ jù, bíréèkì kò ní mú mọ́. Jíà kékeré ni ó yẹ kí ó fi sọ̀kalẹ̀.