Ṣé ká gba ẹni tó ń kọrin ìtàn gbọ́?

Báwo ló ṣe mọ ohun tó ń sọ? Ìbéèrè yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ bi olùsọ̀tàn. Ẹ wo orin Bobby Russell nípa alẹ́ tí iná kú ní Jọ́jíà, l'Ámẹ́ríkà, tí Vicki Lawrence kọ ní 1972. Obìnrin kan ń ròyìn bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ṣe gbọ́ pé Andy, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ń yan ìyàwó òun lálè. Ó gbé ìbọn lọ sílé Andy, àmọ́ òkú rẹ̀ ló bá nílẹ̀. Wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn kan ẹ̀gbọ́n náà, adájọ́ dá a lẹ́bi wàràwàrà, wọ́n sì yẹgi fún un.

Ègbè orin náà ń di ẹ̀bi ru agbẹjọ́rò àti adájọ́ lemọ́lemọ́, ó sì ń tẹnu mọ́ ọn pé aláìṣẹ̀ ni wọ́n pa. Ibẹ̀ ló yẹ ká ti fura: kí ló mú kó dá obìnrin náà lójú tó bẹ́ẹ̀? Àmì kejì fara sin jù ú lọ. Ipa ẹsẹ̀ kan wà nílẹ̀ tó kéré ju ti Andy. Obìnrin náà mẹ́nu bà á, ó sì kọjá lọ. Ìparí orin ló tó jẹ́wọ́ pé ẹsẹ̀ òun ni.

Ẹ kíyè sí i pé kò hùmọ̀ ìtàn: òtítọ́ ló fi pamọ́. Mo lè gba ìṣẹ̀lẹ̀ tó sọ gbọ́, ṣùgbọ́n mi ò lè gba ìdájọ́ rẹ̀ lórí ẹni tó jẹ̀bi. Àmọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kò kan gbogbo olùsọ̀tàn: bí olùsọ̀tàn kò bá sí nínú ìtàn rárá, mímọ ohun gbogbo kì í ṣe àmì ẹ̀tàn.