Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí A Ṣe Ń Yẹ Àwòrán Mọ́dẹ́lì Wò

Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wí, òwe náà sì bá iṣẹ́ mọ́dẹ́lì mu gan-an, nítorí pé ẹni tí ń ṣa mọ́dẹ́lì ní ẹ́jẹ́ńsì, ìyẹn iléeṣẹ́ tí ń bá mọ́dẹ́lì wá iṣẹ́ tí ó sì ń gba ìdá kan nínú owó rẹ̀, kì í sábà tíì rí ènìyàn náà lójúkojú kí ó tó pinnu bóyá kí wọ́n pè é. Àwòrán ni ó rí. Àkójọ àwòrán tí a yàn fún ìdí èyí ni wọ́n ń pè ní pọtifólíò, ohun tí a sì fi ń dán an wò kì í ṣe bóyá àwòrán kọ̀ọ̀kan dára, bí kò ṣe ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi hàn tí àwọn yòókù kò fi hàn.

Kí a fi ọ̀dọ́mọbìnrin kan ní Èkó, tí ó ní àwòrán 14, ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá tẹ́ gbogbo wọn sórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kí a máa wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan lórí fóònù, a ó rí i pé nínú 8 ni ó ti yí ojú sí apá òsì, tí ó rẹ́rìn-ín músẹ́, tí ó sì fi ọwọ́ lé ìbàdí. Aṣọ yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti yà á yàtọ̀, síbẹ̀ àwòrán kan ṣoṣo ni wọ́n. Èyí tí ojú rẹ̀ yè jù lọ, tí ọwọ́ kò sì le gbagidi, ni a ó mú. Nínú 2 tí ó kọjú sí kámẹ́rà gan-an, ọ̀kan tó. Ọ̀kan tí ó wà láàárín ẹbí níbi ìgbéyàwó kò ní iṣẹ́ kankan níbẹ̀, bí aṣọ ẹbí náà ti wù kí ó wọ̀ ọ́ tó. Ọ̀kan mìíràn fi gbogbo ara hàn, àmọ́ wọ́n gé e ní ọrùn ẹsẹ̀, ó sì dà bí ẹni kúkúrú. Èyí tí ó dúró ṣánṣán láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ àti èyí tí ó ń rìn yẹ ní mímú. Àwòrán 14 ti di 4, kò sì burú, nítorí pé èyí tí kò dára nínú àkójọ ni ojú olùyẹ̀wò máa ń kọ́kọ́ bá.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ìdí nìyí tí 4 náà kò fi tíì tó. Ojú tí a kọ sí kámẹ́rà ń sọ bí apá méjèèjì ojú ṣe dọ́gba, èyí tí a yí díẹ̀ ń gbé egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ yọ, èyí tí a wò láti ẹ̀gbẹ́ pátápátá nìkan ni ó sì ń fi bí imú àti àgbọ̀n ṣe rí hàn. Ti ẹ̀gbẹ́ yìí ni ọ̀dọ́mọbìnrin náà kò ní rárá. Kò sì ní ọ̀kan tí kò rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rín ni oníṣòwò ọṣẹ tàbí oúnjẹ ń wá, nígbà tí olóòtú ìwé ìròyìn oge sábà máa ń fẹ́ ojú tí ó le díẹ̀. Ibi tí kámẹ́rà wà tún ṣe pàtàkì: bí ayàwòrán bá ga ju mọ́dẹ́lì lọ tí kò sì bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ yóò kúrú, orí yóò tóbi, ṣùgbọ́n bí kámẹ́rà bá wà ní ìwọ̀n ìbàdí, ẹsẹ̀ á gùn. Bí imú bá wú tí etí sì sá sẹ́yìn, kì í ṣe ẹ̀bi ojú. Wọ́n súnmọ́ ọn jù ni, àtúnṣe rẹ̀ sì ni kí ayàwòrán fà sẹ́yìn kí ó sì lo lẹ́ǹsì tí ń fa ohun tí ó jìnnà mọ́ra.

Oríṣiríṣi kò túmọ̀ sí pé kí ènìyàn kan di ènìyàn mẹ́rin. Nítorí náà ni ẹ́jẹ́ńsì fi ń béèrè pólárọ́ìdì, àwòrán lásán tí orúkọ rẹ̀ wá láti ara kámẹ́rà àtijọ́ tí ń tẹ àwòrán jáde lójú ẹsẹ̀: ara ògiri tí kò ní ọ̀ṣọ́, ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé, aṣọ tí ó fún mọ́ra, irun tí a kó sẹ́yìn, láìsí àtíkè, láìsí àtúnṣe kọ̀ǹpútà. Wọn yóò gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pọtifólíò. Bí awọ ara bá mọ́lẹ̀ nínú ọ̀kan tí ó sì dúdú nínú èkejì, tàbí bí àpá iwájú orí bá pòórá, ìfura dé nìyẹn. Bákan náà ni gíga àti ìwọ̀n àyà, ìbàdí àti bàtà tí a kọ sí káàdì mọ́dẹ́lì. Téèpù yóò wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá pè é, bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a.

Nítorí náà, kí ọ̀dọ́mọbìnrin yìí ya ti ẹ̀gbẹ́ ojú àti èyí tí kò rẹ́rìn-ín kún 4 tí ó kù, bí ó bá sì ti gé irun tí ó dì nínú pólárọ́ìdì rẹ̀, kí ó tún un yà kí ó tó fi ohunkóhun ránṣẹ́.