Kí Ẹ Tó Ra Abẹ́rẹ́ Ẹ̀jẹ̀ Mìíràn fún Aláìsàn Kíndìnrín

Yàtọ̀ sí ìtọ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́, òun ló tún ń pèsè ẹritiropoẹ́tìnì, họ́mọ̀nù tó ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó mọ sẹ́ẹ̀lì pupa. Bí ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ bá dínkù, kíndìnrín tó yè kooro á tú u jáde sí i. Èyí tó ti bàjẹ́ kò lè pèsè tó, ẹ̀jẹ̀ aláìsàn á sì máa gbẹ. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń kọ jẹ́ họ́mọ̀nù kan náà, tí ilé-iṣẹ́ oògùn ṣe.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá rán bíríkìlà níṣẹ́ tí kò sí sìmẹ́ǹtì, ògiri kò ní gbéra. Èròjà irin ni sìmẹ́ǹtì ẹ̀jẹ̀. Àìyẹ̀ ẹ́ wò ló ń mú kí owó abẹ́rẹ́ ṣòfò lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹ jẹ́ ká fi obìnrin kan tó wọn kílò 60, tó ń ṣe dàyálísíìsì, ṣe àpẹẹrẹ. Ó ti ń gba abẹ́rẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, síbẹ̀ PCV rẹ̀ kò kúrò ní 24.

1. Ẹ ka ìwé àyẹ̀wò. PCV ni ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú ọgọ́rùn-ún ẹ̀jẹ̀. Ẹ pín in sí mẹ́ta, ẹ ó rí iye hemoglóbìnì tí kò ní jìnnà sí òótọ́: 24 á di 8. Bí ó bá ti wálẹ̀ ju 10 lọ, ìyẹn PCV 30, ni àwọn dókítà sábà máa ń ronú abẹ́rẹ́ yìí.

2. Ẹ wo ìwọ̀n tó ń gbà. Ìbẹ̀rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ yúníìtì 50 sí 100 fún kílò kọ̀ọ̀kan, ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Fún kílò 60, ó kéré tán, yúníìtì 3,000 lẹ́ẹ̀kan ni, ìyẹn 9,000 lọ́sẹ̀. Obìnrin wa ń gba 4,000 ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, èyí tó jẹ́ 8,000. Ó dín díẹ̀, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí yóò mú kí ẹ̀jẹ̀ má gbéra rárá.

3. Ẹ ní kí wọ́n yẹ irin wò. Àyẹ̀wò méjì ni, ẹ má ṣe mú ọ̀kan fi ọ̀kan sílẹ̀. Fẹ́rítìnì ń sọ irin tó wà ní ìpamọ́. TSAT ń sọ irin tó wà lójú ọ̀nà, tó ń lọ síbi iṣẹ́. Bí TSAT kò bá tó 20 nínú ọgọ́rùn-ún, irin tó ń dé ọ̀dọ̀ mùdùnmúdùn kò tó. Kòkòrò àrùn tàbí egbò lè gbé fẹ́rítìnì sókè nígbà tí irin náà wà ní àtìmọ́lé, tí ara kò rí i lò. Ẹni tó bá ka fẹ́rítìnì nìkan á rò pé irin pọ̀.

Ti obìnrin wa: fẹ́rítìnì 60, TSAT 12. Àlàyé ti dé. Oògùn irin oníhóró kì í sábà tó fún ẹni tó ń ṣe dàyálísíìsì, nítorí ìfun rẹ̀ kì í gbà á dáadáa. Inú iṣan ni wọ́n sábà máa ń fún un, bíi mílígíráàmù 100 nígbà dàyálísíìsì mẹ́wàá, kó lè pé 1,000. Bí ibà tàbí kòkòrò àrùn bá ń bá a jà lọ́wọ́, kí wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú ìyẹn.

4. Ẹ máa ṣọ́ bó ṣe ń gòkè. Lẹ́yìn irin, kí PCV máa fi 3 sí 6 lé lóṣù ló dára. Bí ó bá fi ju 3 lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ sọ fún dókítà kó dín abẹ́rẹ́ kù. Ẹ máa wọn ẹ̀jẹ̀ ríru déédéé, torí abẹ́rẹ́ yìí máa ń gbé e sókè.

Ẹ má ṣe lé PCV ẹni tí ara rẹ̀ le. Hemoglóbìnì 11.5, bíi PCV 34, ti tó. Nínú ìwádìí TREAT ti ọdún 2009, láàárín àwọn alátọ̀gbẹ tó ní àìsàn kíndìnrín, rọpárọsẹ̀ mú àwọn tí wọ́n fẹ́ gbé dé 13 ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àwọn yòókù.

5. Bí irin bá pé tí ẹ̀jẹ̀ kò sì gòkè, ẹ béèrè nípa ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú ìgbẹ́ tàbí nǹkan oṣù, kòkòrò àrùn nídìí rọ́bà dàyálísíìsì, àti dàyálísíìsì tí kò tó iye tó yẹ lọ́sẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí abẹ́rẹ́ ń sùn pẹ̀lú. Inú fíríìjì ló yẹ kó wà, ní ìwọ̀n 2 sí 8, kì í ṣe fírísà. Èyí tó bá ti di yìnyín ti bàjẹ́, kódà bó bá yọ́ padà. Ẹ má sì ṣe gbọ̀n ọ́n. Bí iná bá lọ, ẹ fi aṣọ wé e kó má fara kan yìnyín inú kúlà.

Abẹ́rẹ́ náà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó hàn lára PCV. Nítorí náà, aláìsàn tí àyà ń dùn, tàbí tí kò lè mí dáadáa níbi tó jókòó sí, kò gbọ́dọ̀ dúró dè é. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó lè jẹ́ pé wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Bí ó bá ń retí kíndìnrín tuntun, kí ẹ rán àwọn dókítà létí kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn lè mú kí ara rẹ̀ kọ kíndìnrín ọ̀hún lẹ́yìnwá ọ̀la.