Ajẹ́lẹ̀ Titun àti Oko Ìdógò

Ní oṣù kejì ọdún 1937, Ajẹ́lẹ̀ titun kan dé sí ìlú kan ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ọ̀dọ́mọkùnrin ni, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àpótí méjì tí ó kún fún ìwé òfin ni ó sì bá a wọ̀lú. Kò tíì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tán tí wọ́n fi gbé ìwé ẹ̀bẹ̀ kan wá síwájú rẹ̀.

Òṣómàáló kan, tí ó ti fi aṣọ títà di olówó, ni ó kọ ìwé náà. Kóòtù ìbílẹ̀ ti dá a lẹ́bi. Ní ọdún 1921, nígbà tí owó kòkó já wálẹ̀, àgbẹ̀ kan fi oko kòkó rẹ̀ dógò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gba £15. Àgbẹ̀ náà ti kú. Nígbà tí owó kòkó gòkè ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1937, ọmọ rẹ̀ kó £15 wá, ó ní òun fẹ́ gba oko bàbá òun padà. Òṣómàáló kọ̀. Ó ní oko tí ó ti wà lọ́wọ́ òun fún ọdún 16 ti di ti òun.

Ajẹ́lẹ̀ ṣí ìwé. Ó rí òfin Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1874, tí ó sọ pé ẹni tí ó bá jẹ́ kí ọdún 12 kọjá kí ó tó bèèrè ilẹ̀ rẹ̀ kò tún lè pẹjọ́ lé e lórí. Inú rẹ̀ dùn pé ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ó ti mú kálàmù láti yí ìdájọ́ kóòtù padà nígbà tí ògbifọ̀ rẹ̀ rọra wúkọ́, ó ní, “Ọ̀gá, bí ó bá wù yín, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dé oko náà.”

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n rin ìrìn wákàtí kan dé ibi tí pèrègún gbé pààlà oko náà. Àgbà tí ó ṣe olórí àwọn onídàájọ́ ń dúró dè wọ́n. Ajẹ́lẹ̀ bi í pé, “Bí ó bá pé àádọ́ta ọdún ńkọ́?”

Àgbà náà dáhùn pé, “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ-ọmọ ni ó mú owó náà wá, yóò gba oko rẹ̀. Ẹni tí ó yáni lówó ń ká kòkó lọ́dọọdún, èyíinì ni èlé rẹ̀. Nítorí náà owó kì í dín, kì í sì í lé: £15 ni ó jáde, £15 ni yóò wọlé. Ìdógò kì í ṣe títà.”

“Báwo ni ẹ ṣe mọ̀ pé kò tà á?”

Ìbéèrè yìí tọ́, nítorí kò sí ìwé kankan láàrin àwọn méjèèjì. Àwọn ẹlẹ́rìí tí ó wà níbẹ̀ ní 1921 ni ìwé wọn, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sì kù láyé. Ṣùgbọ́n àgbà náà mú wọn dé ìdí kùkùté ìrókò kan. Ìjì ni ó wó igi náà ní 1929. Kí Òṣómàáló tó là á sí pákó, ó ti ránṣẹ́ lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ bàbá ọmọ yìí. Òṣómàáló kò lè sẹ́. Ta ni í tọrọ igi inú oko ara rẹ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn?

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, Ajẹ́lẹ̀ tún ṣí àpótí rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òfin kóòtù ìbílẹ̀ ti ọdún 1933 ni ó kà. Ó rí i níbẹ̀ pé àṣà àti òfin ìbílẹ̀ àdúgbò ni irú kóòtù bẹ́ẹ̀ yóò fi ṣe ìdájọ́, àfi bí àṣà náà bá lòdì sí ẹ̀tọ́ àti ẹ̀rí ọkàn rere. Ó bi ara rẹ̀ léèrè bí èyí bá lòdì sí ẹ̀tọ́. Ẹni tí ó ti ká kòkó fún ọdún 16, tí ó sì tún fẹ́ gba owó rẹ̀ pé, kò lè sọ pé wọ́n rẹ́ òun jẹ.

Ohun kan ni kò tán lọ́kàn rẹ̀. Òṣómàáló ti gbin igi obì sí ẹ̀gbẹ́ oko náà, ó sì ń so. Ajẹ́lẹ̀ fẹ́ kí wọ́n san nǹkan fún un lórí wọn. Àwọn onídàájọ́ kọ̀: ẹni tí ó di oko mú fún ìdógò kò ní ẹ̀tọ́ láti gbin igi tí yóò pẹ́ nílẹ̀ sínú rẹ̀, ohun tí ó bá sì gbìn ń bá ilẹ̀ lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, olówó yóò máa gbin igi títí agbára onílẹ̀ kò fi ní ká a mọ́ láti gba oko rẹ̀. Ajẹ́lẹ̀ kò fi taratara gbà, ṣùgbọ́n ó fi ìdájọ́ náà sílẹ̀ bí ó ti wà.

Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ àgbẹ̀ náà ka £15 sílẹ̀. Òṣómàáló tún un kà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, “Kòkó tí ó ṣẹ́kù lórí igi ńkọ́?” Àwọn àgbà ní kí ó ká èyí tí ó ti pọ́n, lẹ́yìn náà kí ó jáde. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀ fún un, ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá.” Òṣómàáló kò dáhùn.

Nígbà tí Ajẹ́lẹ̀ padà dé ọ́fíìsì rẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀ mìíràn ti wà lórí tábìlì. Ó kà á títí dé ìlà kẹta. Oko ìdógò ni, ọdún 27 ni ó sì ti wà lọ́wọ́ olówó. Ó pa ìwé dé, ó sì ní kí ògbifọ̀ wá bàtà tí òun fi ń rìn lọ sí oko.