Àpótí Ìmọ̀: Nígbà tí ìdánwò apólà bá takora

Wo gbólóhùn yìí: “Ọmọ kékeré náà ra ẹja ní Bódìjà.” Ṣé apólà kan ṣoṣo ni “ọmọ kékeré náà”? Fi arọ́pò orúkọ dípò rẹ̀: “Ó ra ẹja ní Bódìjà.” Gbé e síwájú fún àtẹnumọ́: “Ọmọ kékeré náà ni ó ra ẹja.” So ó pọ̀ mọ́ òmíràn: “Ọmọ kékeré náà àti ìyá rẹ̀ ra ẹja.” Ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹnu kò: apólà ni.

Wàyí o, dán “ó” fúnra rẹ̀ wò. Ipò apólà orúkọ ló wà, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé “ó ni ó ra ẹja” tàbí “ó àti ìyá rẹ̀”. “Òun ni ó ra ẹja” àti “òun àti ìyá rẹ̀” là ń sọ. Kì í ṣe pé “ó” kì í ṣe apólà. Ọ̀rọ̀ tí kò lè dá dúró ni. Ó gbọ́dọ̀ fara ti ọ̀rọ̀ ìṣe, àwọn ìdánwò méjèèjì yìí sì ń já a kúrò lára rẹ̀.

Àsopọ̀ tún máa ń ṣi èèyàn lọ́nà lódì kejì. A lè sọ pé “Adé ra ẹja ní Bódìjà àti ẹran ní Dùgbẹ̀”, ṣùgbọ́n “ẹja ní Bódìjà” kì í ṣe apólà kan níbẹ̀: “níbẹ̀” rọ́pò “ní Bódìjà” nìkan, ẹja a sì dúró sáyè rẹ̀.

Nítorí náà, má ṣe fi ìdánwò kan ṣoṣo dájọ́. Bí ọ̀kan bá kọ̀, kọ́kọ́ wá ohun tó fà á.