Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀tọ́ Àdátà Nínú Ímeèlì Àkọ́kọ́

Ká ní oníṣọ̀nà ìlù kan ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun, ìlú àwọn ọmọ Àyàn, fẹ́ kí oníṣòwò kan ní Kútọnu máa dá dùndún rẹ̀ tà. Kó dárúkọ àgbègbè, kó sì so ẹ̀tọ́ náà mọ́ iye ọjà:

“Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ó máa tà á ní Kútọnu àti Àjàṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà, bí ẹ bá ń ra ìlù 15, ó kéré tán, lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Bí iye náà kò bá pé, ẹ ṣì lè máa tà, ṣùgbọ́n a lè fún ẹlòmíràn náà. Àbá nìyí o, kì í ṣe àdéhùn, àfi tí a bá jọ fọwọ́ síwèé.”

Láìsí gbólóhùn ìkẹyìn yìí, bí oníbàárà bá fèsì pé “A gbà”, ọ̀rọ̀ lè ti di àdéhùn.